Ríkúrútà ní iṣẹ́ wà fún mi ní Mánṣẹ́sítà: báwo ni mo ṣe máa bèèrè ọ̀rọ̀ físà àti owó ìkólọ?

Akínkọ́dù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbàdàn ni mo wà, ọdún méje ni mo ti ń kọ sọ́fúwíà, mo sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ríkúrútà kan kọ̀wé sí mi lórí LinkedIn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé ilé-iṣẹ́ kan ní Mánṣẹ́sítà ń wá irú mi. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, mo ti ṣe ìdánwò tí wọ́n fún mi, ọ̀gá tó máa gbà mí sì ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Owó tí ríkúrútà dá ni £52,000 lọ́dún, ó tún ní wọ́n máa fi £5,000 ìkólọ lé e. Nígbà tí mo bi í nípa físà, gbólóhùn kan ló fi dá mi lóhùn: wọ́n máa ń ṣe onígbọ̀wọ́, kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

Mo ní ìyàwó àti ọmọ ọdún mẹ́rin kan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tó jẹ́ pé owó nìkan ló ń lé, mi ò sì fẹ́ fiṣẹ́ tí mo ní sílẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ni kí n bèèrè gan-an, ìgbà wo sì ni?

Bàbá_Ọláìyá

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Àna ẹni kì í tíì gbà, kéèyàn máa bèèrè yàrá tí ìyàwó máa sùn. Jẹ́ kí ìwé ìgbanisíṣẹ́ dé ọwọ́ rẹ ná. £41,700 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní owó ọdún ò gbọdọ̀ dín sí láti ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, £52,000 sì ti fò ó kọjá. Ti owó físà, ilé-iṣẹ́ ni òfin ní kó san án. Mo mọ èèyàn mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ bá san tiwọn. Máa di ẹrù ní tìẹ.

Ìyá_Ìbejì_Mánṣẹ́sítà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kó di ẹrù. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà níbí, èmi gan-an ni mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mo bá fẹ́ bá èèyàn gba ìwé onígbọ̀wọ́ lọ́dọ̀ Họ́ọ̀mù Ọ́fíìsì. Bàbá Ọláìyá, ẹ má bínú sí mi sà, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ló tọ̀nà.

£41,700 yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ilé ni. Àmọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ní iye tirẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń wò. Nọ́mbà mẹ́rin ni wọ́n fi ń dá iṣẹ́ mọ̀. Ti àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà ni 2134, iye tó wà níwájú rẹ̀ sì ni £54,700 fún wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀. Akínkọ́dù, tí mo bá tẹ £52,000 sí ìwé rẹ lábẹ́ 2134, wọn ò ní fún ọ ní físà. Tí o bá kéré sí ọmọ ọdún 26 ni, ẹ̀dínwó wà, ṣùgbọ́n o ti sọ ọjọ́ orí rẹ.

£5,000 ìkólọ yẹn kò lè dí àlàfo náà. Owó tí ìwé iṣẹ́ fi dá ọ lójú gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ni wọ́n ń kà. Owó ìkólọ, owó ilé, ẹ̀bùn ìparí ọdún, kò sí èyí tí wọ́n ń rò mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ pé ríkúrútà rẹ ń rò ó sí £57,000 lọ́kàn. Họ́ọ̀mù Ọ́fíìsì ò ní rò ó bẹ́ẹ̀.

Èyí ni mi ò fi gbà pé kéèyàn dákẹ́ títí ìwé ìgbanisíṣẹ́ fi dé. Ohun méjì ni kí o bi í lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá: kí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà bó ṣe wà nínú ìwé ìjọba, nọ́mbà iṣẹ́ wo ni wọ́n sì máa fi gbà ọ́? Tí kò bá mọ nọ́mbà, kó lọ béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ máa sọ fún ọ bóyá wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Àbíkẹ́_Ṣàgámù

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí ẹnì kan lórí Wásáàpù tó ní òun máa bá a gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní ìlú ọba, mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, kó san ìdajì sílẹ̀. Ṣé onígbọ̀wọ́ tí ẹ ń sọ yìí náà nìyẹn?

Ìyá_Ìbejì_Mánṣẹ́sítà

Rárá o, Àbíkẹ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fọwọ́ mú owó wọn. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje 2025 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìtọ́jú mọ́ ẹni tó bá ń ti òkè òkun bọ̀. Ẹni tó ń tà á báyìí, ilẹ̀kùn tí kò sí mọ́ ló ń tà. Iṣẹ́ tó bá ṣì ṣí pàápàá, òfin ti 1973 tó ń darí àwọn aṣojú iṣẹ́ níbí kò gbà kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ torí pé wọ́n wáṣẹ́ fún un. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbani ló ń sanwó fún ríkúrútà.

Àbíkẹ́_Ṣàgámù

Háà. Wọ́n ti san 800,000. Mo ń pè wọ́n báyìí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Tòótọ́

Akínkọ́dù, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ. Oṣù kejì 2025 ni mo dé ìlú kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n san gbogbo nǹkan, títí kan tíkẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn dé góńgó. Nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, lójú ewé kọkànlá, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé tí mo bá kúrò kí oṣù méjìlá tó pé, gbogbo owó tí wọ́n ná lórí mi ni mo máa dá padà. Mo ka ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti owó oṣù, ìyẹn tó.

Oṣù kẹsàn-án, mo ríṣẹ́ tó sàn jù, ilé-iṣẹ́ tuntun fún mi ní ìwé onígbọ̀wọ́ tiwọn, mo sì fi àwọn ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ímeèlì dé: £7,703. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Físà £719, owó ìlera tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àlejò £3,105, tíkẹ́ẹ̀tì £640, ìwé onígbọ̀wọ́ £239, àti £3,000 owó ìmọ̀-iṣẹ́. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó kẹ́yìn yẹn rí.

Ọmọ ìyá mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí n má tíì san. Owó ìmọ̀-iṣẹ́ ni ohun tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nítorí pé ó gba èèyàn láti ìta, wọn ò gbọdọ̀ gbé e lé òṣìṣẹ́ lórí. Owó ìwé onígbọ̀wọ́ náà, láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n ti ní ilé-iṣẹ́ ò gbọdọ̀ gbà á padà, oṣù kìíní 2025 ni wọ́n sì ṣe tèmi. Mo kọ̀wé sí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo fi ojú ìwé GOV.UK tó sọ ọ́ há a. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìwé mìíràn dé: £4,464. Mo san ìyẹn, ní oṣù mẹ́fà, torí mo fọwọ́ sí i. Físà, owó ìlera àti tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè rẹ̀ tó bá wà nínú ìwé.

Nítorí náà, ní tèmi o, bèèrè gbogbo rẹ̀ báyìí, kó wà lákọsílẹ̀. Má dúró.

Bàbá_Ọláìyá

Mo gba ti 2134 yẹn. Èmi 41,700 ni mo gbọ́ lẹ́nu gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ti owó físà, ẹni mẹ́ta ni mo mọ̀ o.

Ìyá_Ìbejì_Mánṣẹ́sítà

Ilé-iṣẹ́ tó yàwọ́ ni wọ́n bá pàdé sà, kì í ṣe òfin. Ibi tí ọ̀rọ̀ "a máa ṣe onígbọ̀wọ́" ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyí. Ohun tó jẹ́ dandan fún ilé-iṣẹ́ kò ju pé kó ní láìsẹ́ńsì láti gba àlejò síṣẹ́, kó gba ìwé onígbọ̀wọ́, kó sì san owó ìmọ̀-iṣẹ́. Físà fúnra rẹ̀ àti owó ìlera, ọrùn ẹni tó ń bọ̀ ló wà, àfi tí wọ́n bá fínnúfíndọ̀ san án.

Akínkọ́dù, jẹ́ ká ṣírò ti ìdílé rẹ. Ká ní ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún ọ. Iye tó wà láti oṣù kẹrin 2025 ni mo fi ń ṣírò, wọ́n sì sábà máa ń fi kún un ní oṣù kẹrin, torí náà wo GOV.UK kí o tó sọ iye kankan fún ríkúrútà. Físà jẹ́ £769 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọdé pẹ̀lú. Owó ìlera jẹ́ £1,035 lọ́dún fún àgbà, £776 fún ọmọ, ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ń gbà pa pọ̀ lọ́jọ́ tí o bá tẹ fọ́ọ̀mù. Tìrẹ á jẹ́ £3,874. Ti ìyàwó rẹ, iye kan náà. Ti ọmọ, £3,097. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £10,845. Tí a bá pe pọ́n-ùn kan ní 2,000 náírà, ó ti lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún, a ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ò tíì ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kì í rántí bèèrè ni ìgbà tí owó náà máa jáde. Ilé-iṣẹ́ lè ní àwọn máa san án, kó wá jẹ́ pé ìwọ ni kí o kọ́kọ́ san, kí wọ́n dá a padà pẹ̀lú owó oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó wà ní Páríìsì lè fọwọ́ rọ́ ìyẹn. Ìwọ tó wà ní Ìbàdàn, ọjọ́ tí o máa tẹ fọ́ọ̀mù ni ìṣòro wà. Bi wọ́n pé: ṣé káàdì ilé-iṣẹ́ ló máa san án tààrà?

Akínkọ́dù

Ẹ̀mí mi fẹ́ bọ́. Mílíọ̀nù mọ́kànlélógún kẹ̀? Mo rò pé £5,000 ìkólọ yẹn máa ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́.

Ayọ̀_ní_Bàlíìnì

Ẹ bá mi wá sí Jámánì níbí, ilé-iṣẹ́ ò nílò láìsẹ́ńsì kankan kó tó gba àlejò. Ìwé iṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí yunifásítì ni wọ́n ń wò. Kìkì pé wàá dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa rí ọ ní ọ́fíìsì wọn ní Èkó, àti pé èdè wọn ń fọ́ni lórí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Tòótọ́

Ayọ̀, Mánṣẹ́sítà ni wọ́n ní kó wá. 😂

Ìyá_Ìbejì_Mánṣẹ́sítà

Má fòyà. Ohun mẹ́ta ló lè dín in kù.

Àkọ́kọ́, owó ìkólọ. Ohun tí mo máa bá ọ sọ ni pé kí wọ́n yọ £2,700 ó kéré tán nínú £5,000 yẹn, kí wọ́n fi sí owó iṣẹ́. Ìnáwó wọn lọ́dún àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n físà ti ṣeé ṣe. Ríkúrútà máa fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ìdá kan nínú owó ọdún àkọ́kọ́ rẹ ni wọ́n sábà fi ń sanwó fún òun. Bèèrè wákàtí iṣẹ́ o: tó bá jẹ́ 40 lọ́sẹ̀, iye 2134 yẹn máa gòkè.

Èkejì, owó tó gbọ́dọ̀ wà ní báńkì. £1,270 fún ọ, £285 fún ìyàwó, £315 fún ọmọ, fún ọjọ́ 28 láìfọwọ́ kàn án. Tí ìjọba bá fi ilé-iṣẹ́ náà sí ipò A, wọ́n lè fi àmì sí ibì kan nínú ìwé onígbọ̀wọ́ pé àwọn dúró fún yín fún oṣù àkọ́kọ́, ó ti parí nìyẹn, o ò ní fi ìwé báńkì kankan hàn. Wọn ò ní san kọ́bọ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀. Rántí láti ní kí wọ́n fi àmì sí ti ìdílé náà, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe ti ọkọ, tí wọ́n gbàgbé ti ìyàwó.

Ẹ̀kẹta ni owó ìlera. Sọ pé kí wọ́n san tìrẹ, kí o sì dúró níbẹ̀ ná. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó gbà ọ́ fún ọdún mẹ́ta ti ná £525 lórí ìwé onígbọ̀wọ́ àti £3,960 owó ìmọ̀-iṣẹ́ (ó ti gòkè láti £1,000 sí £1,320 lọ́dún ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2025). Mo ń sọ ọ́ kí o lè mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ tí wọ́n bá ń fajú ro. Ti ìdílé, àwọn kan máa ń san, ọ̀pọ̀ kì í san.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Tòótọ́

Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ wá, ìyàwó mi tẹ̀lé mi lẹ́yìn ọdún kan. Ọjọ́ tí físà tìrẹ bá máa tán ni tiwọn náà máa tán, nítorí náà tó bá ku ọdún méjì, owó ìlera ọdún méjì ni wọ́n máa san. Fún ìyá àtọmọ, £5,160 dípò £6,971. Ṣùgbọ́n ọdún kan láìrí ọmọ ẹni, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni ṣírò ìyẹn.

Bàbá_Ọláìyá

Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ní láìsẹ́ńsì lóòótọ́? Ẹnu ríkúrútà dùn ju oyin lọ.

Ìyá_Ìbejì_Mánṣẹ́sítà

Ìbéèrè gidi nìyẹn sà. Kó tẹ èyí sí GOV.UK:

```
Register of licensed sponsors: workers
```

Fáìlì gbọọrọ kan ló máa jáde. Wá orúkọ ilé-iṣẹ́, kí o sì wo àpótí méjì tó kẹ́yìn lórí ìlà yẹn. Ó yẹ kí ọ̀kan kà báyìí, `Worker (A rating)`, kí èkejì kà báyìí, `Skilled Worker`. Mo ti rí ẹni tó rí orúkọ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ tó fò sókè, tó jẹ́ pé `Global Business Mobility` ló wà ní àpótí tó kẹ́yìn. Ìyẹn wà fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé láti ẹ̀ka wọn kan ní òkè òkun, kò wúlò fún ẹni tuntun.

Nígbà míì orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó bèèrè orúkọ inú ìwé ìjọba. Tí kò bá sí níbẹ̀ rárá, tí wọ́n ní "a máa gbà á tí o bá ti fọwọ́ sí ìwé", láìsẹ́ńsì tuntun sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó jáde, wọ́n sì lè má fún wọn. Má fiṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lórí ìyẹn.

Olè náà mọ fáìlì yẹn o. Wọ́n máa ń mú orúkọ ilé-iṣẹ́ tòótọ́ jáde nínú rẹ̀. Ímeèlì ìgbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá láti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ríkúrútà tàbí gmail.

Akínkọ́dù

(Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà)

Ẹ kú àdúrótì. Mo bèèrè orúkọ àti nọ́mbà iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ríkúrútà ò mọ 2134, ó lọ béèrè, ó padà wá lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wà nínú fáìlì, A ló wà níwájú rẹ̀, `Skilled Worker` ló wà lẹ́yìn. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ wọn ti rí àlàfo owó yẹn fúnra wọn, wọn ò tíì sọ fún ríkúrútà ni.

Mo ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó kù. Lánàá ni wọ́n pè mí: £55,000 fún wákàtí 37.5, £2,000 ìkólọ tí mo máa fi rísíìtì gbà. Wọ́n máa fi káàdì wọn san físà àti owó ìlera tèmi tààrà. Ti ìyàwó àti ọmọ, wọ́n ní rárá, ṣùgbọ́n wọ́n lè yá mi, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù fún ọdún kan. Wọ́n gbà láti fi àmì sí ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìwé iṣẹ́ dé lálẹ́ àná. Mo lọ sí ojú ewé ìsàlẹ̀ tààrà nítorí Ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó wà níbẹ̀: ọdún méjì, "gbogbo owó tó jẹ mọ́ onígbọ̀wọ́".

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Tòótọ́

Mo mọ̀! Ní kí wọ́n kọ orúkọ owó kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, kí wọ́n yọ owó ìmọ̀-iṣẹ́ àti ìwé onígbọ̀wọ́ kúrò. Kó sì máa dín kù ní oṣooṣù, kì í ṣe kó jẹ́ odindi títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Oṣù mẹ́tàlélógún kí ènìyàn san odindi, ìyẹn ò dáa.

Ìyá_Ìbejì_Mánṣẹ́sítà

Mo fara mọ́ ọn. Kún un pé tó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n dá ọ dúró, o ò ní san ohunkóhun. Rántí pé tí iṣẹ́ bá bọ́, 60 ọjọ́ ni Họ́ọ̀mù Ọ́fíìsì sábà máa ń fún èèyàn láti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kó máa lọ. Kì í ṣe àkókò tó yẹ kí gbèsè tún wà lọ́rùn rẹ.

Bàbá_Ọláìyá

Ti owó yíyá yẹn ńkọ́? Tó bá kúrò kí ó tó san tán, ṣé wọ́n lè yọ gbogbo ohun tó kù nínú owó oṣù tó kẹ́yìn?

Ìyá_Ìbejì_Mánṣẹ́sítà

Ó dá lórí ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé owó yíyá náà sà, ìwé ọ̀tọ̀ ni. Akínkọ́dù, ṣé wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ọ?

Akínkọ́dù

Rárá mà. Wọ́n ní lẹ́yìn tí mo bá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Tòótọ́

Ehn-ehn. Má fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ Jímọ̀ ìrọ̀lẹ́.